Àmì Ìlò Lára Ère: Bí A Ṣe Ń Mọ Ogbó Àtọwọ́dá Nínú Fọ́tò
(Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ gbangba tí a ṣe ní Àrẹ̀mọ, Ìbàdàn)



Ní ọdún 1910 ni arìnrìn-àjò ará Jámánì kan, Leo Frobenius, wọ Ìbàdàn wa yìí, tí ó rí ilé Ṣàngó ní Agbẹ́ni, tí òpó fífín tò níwájú rẹ̀ lọ bẹẹrẹ. Láti ìgbà náà ni ìfẹ́ àjèjì sí ère wa kò ti dínkù mọ́, ohun tí ó sì gbó ni wọ́n ń wá jù. Nígbà tí owó bá wà lórí ogbó, kò ní pẹ́ tí àwọn kan yóò fi máa sọ ohun tuntun di ogbó. Ìwọ̀nba ènìyàn ni ó sì ń fọwọ́ kan ère kí ó tó rà á lóde òní. Fọ́tò ni a ń fi ránṣẹ́ láti orí fóònù kan sí òmíràn, tí a ó sì bi ẹni tí a rò pé ó gbọ́n léèrè pé: ojúlówó ni, àbí wọ́n fi ọwọ́ gbó o?

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà yìí gan-an ni ẹlẹ́tàn ń rán, ibi tí ojú olùrà yóò kọ́kọ́ bà sí ni ó sì máa ń rán an mọ́. Ṣùgbọ́n ìlò kì í gbó ohun nítorí ojú. Ibi tí orí, ọwọ́, aṣọ àti okùn bá kàn lójoojúmọ́ ni ó ń gbó. Nítorí náà ìbéèrè àkọ́kọ́ kọ́ ni pé ère yìí ha dúdú tó. Ìbéèrè náà ni pé, báwo ni wọ́n ṣe ń lò ó, ibo ni ìlò náà ìbá sì ti kàn án?

Ẹ jẹ́ kí a mú igi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kan láti ìhà Kétu, tí ẹni tí ń tà á sọ pé ó ti tó ọgọ́rin ọdún. Bí fìlà ni a ń gbé igi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ lé àtàrí, aṣọ tí a so mọ́ etí rẹ̀ ni ó sì ń bo ojú oníjó. Ẹni tí ó bá wo iwájú rẹ̀ nìkan kò tíì wo nǹkan kan. Inú rẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ wò. Orí, òógùn àti epo irun a máa kan ibi tí ó ga nínú ihò náà, wọn kì í sì kan kòtò tí àáké fi sílẹ̀. Nítorí náà orí gegele yóò dán, yóò ṣú, kòtò àárín wọn yóò sì ṣe yángiyàngi, yóò mọ́ díẹ̀. Èyí tí wọ́n fi èéfín àti epo gbó yóò dúdú bákan náà ní òkè àti ní kòtò, tàbí kí inú rẹ̀ funfun nini bí igi tí a gbẹ́ lánàá nígbà tí iwájú rẹ̀ ti ṣú bí àjà ilé ìdáná.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wo ihò etí rẹ̀ tí a ń so aṣọ mọ́. Aṣọ wúwo, oníjó a máa yí, okùn a sì máa fà sí ìsàlẹ̀. Fún ìdí èyí ihò tí a ti lò pẹ́ a máa gùn díẹ̀ níhà tí okùn ń fà, etí rẹ̀ níhà náà a sì jọ̀lọ̀. Ihò tí a fi irin gbígbóná lu tí ó rí roboto, tí gbogbo wọn dọ́gba, tí etí wọn mú, kò tíì gbé aṣọ rí.

Ọ̀dà ara rẹ̀ náà ń sọ̀rọ̀. Bí ọdún Gẹ̀lẹ̀dẹ́ bá ti ń sún mọ́lé ni wọ́n ń tún un kùn, nítorí náà ibi tí ọ̀dà ti bó lára èyí tí ó ti jó púpọ̀ a máa fi àwọ̀ mìíràn hàn lábẹ́ ti òkè, nígbà mìíràn àwọ̀ mẹ́ta. Ẹlẹ́tàn kùn ún lẹ́ẹ̀kan, ó sì fi sáńpépà nu imú, iwájú orí àti ẹ̀rẹ̀kẹ́. Bí ẹ bá gbé fọ́tò náà súnmọ́ ojú, ẹ ó rí i pé gbogbo ilà tí sáńpépà fà ni ó dojú kọ ọ̀nà kan náà, igi funfun ni ó sì wà lábẹ́ wọn.

Kòkòrò ń kọ́? Ihò kékeré roboto ni kòkòrò ń gbà jáde, ojú ọ̀nà rẹ̀ yòókù sì pamọ́ sínú igi. Bí ẹ bá rí ojú ọ̀nà kòkòrò tí ó ṣí sílẹ̀ gbọọrọ lára ère, tí ọ̀bẹ ti là á kọjá, igi náà ti gbó kí a tó gbẹ́ ère sí i: igi àtijọ́, ère tuntun.

Ti ojú irin iṣẹ́ ni ó gba sùúrù jù. Àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà wa ní ọ̀nà mẹ́rin tí iṣẹ́ ń gbà: ọnà lílé, àlétúnlé, dídán àti fínfín. Ojú ọ̀bẹ kékeré tí ó kù lẹ́yìn dídán àti fínfín ni ìlò ń jẹ díẹ̀díẹ̀. N kò ní kí ẹnikẹ́ni tìtorí ojú ayùn pe ère ní ayédèrú, nítorí irinṣẹ́ òyìnbó ti pẹ́ lọ́wọ́ wa. Ohun tí a ń wò ni èyí tí ó gun orí èkejì: bí dídán ìlò bá gba orí ojú ọ̀bẹ kọjá, ó bójú mu, bí ojú ọ̀bẹ bá gé àárín ìdọ̀tí àti dídán kọjá, lẹ́yìn ogbó ni ọ̀bẹ náà dé, ogbó náà sì di ohun ìfura.

Ní ti idẹ, ẹ rántí pé ìda ni a kọ́kọ́ ń mọ, tí a ń fi amọ̀ bò, tí a ń yọ́ jáde kí idẹ tó wọlé dípò rẹ̀. Ilà tí a fà sára ìda a máa ní etí rírọ̀. Èyí tí a fi irin gé sára idẹ lẹ́yìn dídà a máa mú. Ìpẹtà tútù tí ó hù láti ara idẹ fúnra rẹ̀ kì í dọ́gba: ó nípọn níbìkan, ó fẹ́lẹ́ níbòmíràn, ó sì rọ̀ mọ́ irin pinpin. Èyí tí wọ́n fi iyọ̀ àti ásíìdì pè jáde a máa tàn yòò, a jókòó sínú kòtò bí ìyẹ̀fun, a sì kúrò lórí gegele gbogbo bákan náà. Ìtàn àti awọ gbọ́dọ̀ bára mu pẹ̀lú: idẹ tí wọ́n ní ojúbọ ni ó ti wá, tí wọ́n ń fọ̀ tí wọ́n ń dán lọ́dọọdún, kò yẹ kí ó tútù bí èyí tí a wú nínú ilẹ̀.

Síbẹ̀, fọ́tò ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Orí idẹ tí a ń pè ní ti Olókun, tí Frobenius rí ní Ifẹ̀ ní ọdún 1910 kan náà, ni wọ́n gbé lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1948 fún àyẹ̀wò. Àwọn tí ó yẹ̀ ẹ́ wò, Leon Underwood àti William Fagg, sọ pé inú yanrìn ni wọ́n ti dà á, pé ẹ̀dà lásán ni. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ayé fi gbà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àwọn onímọ̀ Mùsíọ́mù ńlá Lọ́ńdọ̀nù tún fi ẹ̀rọ ìgbàlódé yẹ̀ ẹ́ wò ní ìgbà tiwa, wọ́n rí i pé ìda ni wọ́n fi dà á lóòótọ́, ó sì ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ojúlówó. Bí àwọn tí ère wà lọ́wọ́ wọn bá lè ṣì í, ẹni tí fóònù nìkan wà lọ́wọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra. Ìdájọ́ mi ni pé fọ́tò lè bá ère wí, ṣùgbọ́n kò lè dá a láre: a lè fi fọ́tò rí i pé èyí kò gbó, a kò lè fi fọ́tò nìkan búra pé èyí gbó.

Kí ẹnikẹ́ni tó san owó, kí ó béèrè fọ́tò inú ère, fọ́tò ìdí rẹ̀, àti èyí tí ìmọ́lẹ̀ tàn sí láti ẹ̀gbẹ́ ní ìsàlẹ̀, kí gbogbo ojú irin lè là. Kí wọ́n má tan iná fóònù sí i tààrà, nítorí iná bẹ́ẹ̀ ń pa òjìji rẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ jogún ère sílé, ẹ má fọ̀ ọ́, ẹ má sì fi pólíìṣì bàtà pa á, nítorí ẹ̀rí rẹ̀ ni ẹ ń nù kúrò. Ẹ̀yin gbẹ́nàgbẹ́nà àti ẹ̀yin tí ń da idẹ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa kọ orúkọ yín àti ọdún sí ìdí iṣẹ́ yín, kí a lè mọ̀ ọ́n ní tiyín.