Bí Àròkọ Sikọ́láṣíìpù Bá Gùn Jù, Ibo Ni Ká Ti Gé E?

Ọ̀rọ̀ tí a sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtàwọn òbí níbi ìpàdé ẹgbẹ́ wa



Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí àròkọ tó bá kọjá iye tí wọ́n ní ká kọ. Àwọn pọ́tálì kan ò ní gbà á wọlé rárá. Common App, tí àwọn ọmọ wa fi ń wá ilé ẹ̀kọ́ ní Amẹ́ríkà, 650 ọ̀rọ̀ ni òpin àròkọ ibẹ̀. Níbòmíràn, lẹ́tà ni wọ́n ń kà, títí kan àlàfo àárín ọ̀rọ̀. Nítorí náà, kí ẹ tó gé ohunkóhun, ẹ wo èyí tí wọ́n ń kà.

Ẹ jẹ́ ká fi ọmọbìnrin kan láti Àgílítí ṣe àpèjúwe. Ó fẹ́ lọ kọ́ ẹ̀kọ́ nípa omi. 500 ọ̀rọ̀ ni wọ́n fẹ́, tiẹ̀ jẹ́ 700. Ìpínrọ̀ márùn-ún ló kọ: ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n kan àti ìkíni, 80 ọ̀rọ̀, ojú ọjọ́ tó ń yí padà láyé, 120, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i gan-an, 150, àwọn ipò tó ti dì mú, 200, ohun tó fẹ́ ṣe tó bá kàwé tán, 150.

Kí ló wà nínú 150 àárín yẹn? Gbogbo wa la mọ̀ pé bí wọ́n bá tú omi dáàmù Ọ̀yán sílẹ̀ lásìkò òjò, Odò Ògùn á kún, omi á sì dé Àgílítí. Ọmọ yìí kọ ọ́ pé lóru ọjọ́ kan, omi dé orúnkún nínú yàrá àwọn. Òun àti ìyá rẹ̀ ru apẹ̀rẹ̀ ata mẹ́rìnlá jáde, márùn-ún péré ló ṣeé tà. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó fi ọ̀bẹ fa àmì sára igi, ó rì í mọ́ ẹ̀gbẹ́ gọ́tà, ó sì ń fi bí omi ṣe ga tó ránṣẹ́ sí wáásáàpù àdúgbò lójoojúmọ́. Ó wá kọ ọ́ pé: “Lọ́sẹ̀ náà, ata pọ̀ nínú ọbẹ̀ wa ju omi lọ, ṣùgbọ́n inú ẹnì kankan ò dùn.”

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń kọ́kọ́ gé, torí ó dà bí ìtàn lásán lójú wọn. Á wá di: “Àgbàrá ba ọjà ìyá mi jẹ́, mo sì ran àdúgbò lọ́wọ́.” Ọ̀rọ̀ ti dín kù lóòótọ́, àmọ́ ọmọ Lọ́kọ́ja tàbí ọmọ Ìbàdàn náà lè kọ ọ́. Ẹ fi ọwọ́ bo orúkọ yín. Bí ẹlòmíràn bá lè fọwọ́ sí ìpínrọ̀ náà, ẹ ti gé ibi tí kò yẹ.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ fa ìlà yí àpẹẹrẹ yín ká, ẹ má fọwọ́ kàn án. Òde ìlà yẹn ni ká ti gé. Ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n àti ìkíni lọ pátá, 80 nìyẹn. Lára ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́, ó fi 50 sílẹ̀, èyí tó ṣàlàyé bí omi dáàmù ṣe ń dé ọ̀dọ̀ wa, 70 lọ. Àwọn ipò náà ti wà níbòmíràn nínú fọ́ọ̀mù, ó fi èyí tó kan omi àti àdúgbò nìkan sílẹ̀, 90 lọ. Ó ku 460.

Ẹ rí i pé àyè tiẹ̀ ṣẹ́ kù. Ó wá rí i pé àpẹẹrẹ náà ò ní èsì: kí ni ìròyìn omi yẹn ṣe fún ẹnikẹ́ni? Ó fi 30 ọ̀rọ̀ kún un, pé kí omi tó tún dé, ilé mẹ́rin ti gbé ọjà wọn sórí tábìlì. Ó di 490. Ẹ jẹ́ kí mẹ́wàá yẹn wà, torí pọ́tálì àti kọ̀ǹpútà yín lè má ka ọ̀rọ̀ bákan náà.

Ó ku ohùn. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n tí ẹ ń bá wọn tún un ṣe, ẹ jọ̀ọ́. Bí ẹ bá yọ ọ̀rọ̀ ata inú ọbẹ̀, tí ẹ fi “àdánù ńlá bá ètò ọrọ̀-ajé ẹbí wa” rọ́pò, ẹ ti fi ohùn tiyín sẹ́nu ọmọ. Àṣìlò ọ̀rọ̀ ni kí ẹ tún ṣe. Lẹ́yìn náà, kí ọmọ ka àròkọ náà sókè fún ẹni tó mọ̀ ọ́n dáadáa. Níbi tí ẹni yẹn bá ti ní “ìwọ kọ́ lò ń sọ̀rọ̀ yìí,” ibẹ̀ ni kó tún kọ.

Ẹni tí àròkọ rẹ̀ bá gùn jù, kó tẹ̀ ẹ́ jáde, kó fi bírò pupa yí àpẹẹrẹ tó lágbára jù ká, kó mú un wá sípàdé tó ń bọ̀. A ó jọ gé ìyókù.