Orúkọ tó ń rìn àti orúkọ tó dúró

 

Ní orílẹ̀-èdè Aísílándì, púpọ̀ jù lọ nínú àwọn ènìyàn kò ní orúkọ ìdílé títí di òní. Orúkọ bàbá ni ọmọ ń fi tẹ̀lé tirẹ̀, a ó sì fi «ọmọkùnrin» tàbí «ọmọbìnrin» kún un ní èdè wọn. Ẹ jẹ́ ká sọ pé Jón Einarsson, ìyẹn Jón ọmọ Einar, fẹ́ Helga Ólafsdóttir. Ọmọkùnrin wọn á jẹ́ Páll Jónsson, ọmọbìnrin wọn á jẹ́ Sigríður Jónsdóttir. Orúkọ ẹ̀yìn mẹ́rin nínú ilé kan ṣoṣo! Bí ìyá bá sì fẹ́ kí orúkọ òun ni ọmọ jẹ́, Páll lè di Helguson, ọmọ Helga. Nígbà tí Páll bá bímọ, orúkọ Jón yóò lọ, ti Páll yóò dé. Ìdí nìyí tí wọn kì í fi pe ènìyàn ní orúkọ ẹ̀yìn: Vigdís Finnbogadóttir tó di ààrẹ ní 1980, Vigdís ni wọ́n ń pè é, nítorí Finnbogi kì í ṣe orúkọ rẹ̀, orúkọ bàbá rẹ̀ ni. Ní 1925, òfin wọn fi òpin sí gbígba orúkọ ìdílé tuntun, kí ìṣe náà má baà parẹ́.

Ọ̀dọ̀ tiwa kò jìnnà sí èyí. Ẹni tó bá ti òkèèrè dé, «ọmọ ta ni ọ́, ilé wo?» ni a ń bi í. Orúkọ bàbá, agbo ilé àti oríkì orílẹ̀ ló ń dáhùn. Nínú agbo ilé fúnra rẹ̀ ńkọ́? Bí bàbá kan bá ní aya mẹ́ta, orúkọ rẹ̀ kò lè ya àwọn ọmọ náà sọ́tọ̀, nítorí gbogbo wọn ló ni ín. Orúkọ ìyá ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn: ọmọ Ìyá Alákàrà, ọmọ Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, nítorí bí bàbá bá kú, ìdí igi, ìyẹn iye àwọn ìyá tó bímọ, ni a fi ń pín ogún rẹ̀.

Ìwé ló dá orúkọ dúró. Ilé ìwé, ṣọ́ọ̀ṣì àti kóòtù béèrè orúkọ kejì, èyí tí wọ́n sì kọ sílẹ̀ ni àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ ń jẹ́. Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ wò ó. Fátóyìnbó ní ọmọkùnrin mẹ́ta. Ògúndélé rán ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé ìwé. Nígbà tí wọ́n béèrè orúkọ bàbá, ọmọ náà dáhùn, ó sì di Òjó Ògúndélé. Ọmọ Akínwándé dé tirẹ̀, ó dárúkọ bàbá àgbà tó ni ilé, ó di Àlàbí Fátóyìnbó. Ọmọ kẹta gba ìgbàgbọ́. Kò fẹ́ kí Ifá wà nínú orúkọ òun mọ́, ó yí Fátóyìnbó sí Olútóyìnbó. Orúkọ ìdílé mẹ́ta ti jáde láti inú agbo ilé kan, àwọn ìyá tó ya ìdí igi sọ́tọ̀ kò sì sí nínú ọ̀kankan. (Ẹ sì wo Àlàbí: ó lè máa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ Ìsinmi gbogbo, Ifá ṣì wà nínú orúkọ rẹ̀.)

Ewu ibẹ̀ ni pé ọmọ-ọmọ Òjó àti ọmọ-ọmọ Àlàbí lè pàdé ní Èkó, kí wọ́n fẹ́ ara wọn sọ́nà, kí orúkọ ìwé má sì fi hàn pé ẹbí ni wọ́n. Ìdàkejì rẹ̀ náà wà. Àwọn tó ń jẹ́ Balógun pọ̀ ní ìlú púpọ̀ láìjẹ́ ẹbí rárá, nítorí oyè ni orúkọ náà kó tó di ti ìdílé.

Nítorí náà, bí ẹ bá ń wá ìran yín, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti ara orúkọ ìwé. Ẹ bi àgbà ilé léèrè pé ta ni ẹni àkọ́kọ́ tó jẹ́ orúkọ yìí, ṣé orúkọ àbísọ ni àbí oyè, àti pé kí ni àwọn àbúrò rẹ̀ ń jẹ́. Ẹ wá béèrè orílẹ̀, bóyá Ọ̀pómúléró, Oníkòyí tàbí Olófà. Orílẹ̀ kan náà nìkan kò tó láti sọ pé ẹbí tó súnmọ́ra ni ènìyàn méjì, nítorí ó tàn ká ìlú púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí orílẹ̀, agbo ilé àti orúkọ bàbá àgbà bá bára mu, ó yẹ kí ẹ dúró béèrè sí i. Ẹ béèrè ti ìyá náà: obìnrin kì í fi orílẹ̀ bàbá rẹ̀ sílẹ̀ gba ti ọkọ, ibẹ̀ ni ẹ ó ti rí ọ̀nà lọ sí ilé ìyá yín, èyí tí ìwé kò kọ.