Nọ́ḿbà 11 àti 22 Nínú Ọ̀rọ̀ Ìyàwó Àfẹ́sọ́nà: Ọ̀rọ̀ fún Àwọn Ọ̀dọ́ Mùsùlùmí ní Ògèrè

Ọ̀rọ̀ òní dá lórí àwọn tí ń fi nọ́ḿbà wo ìwà ènìyàn, pàápàá àwọn tí ń kìlọ̀ fún ọkùnrin pé kí ó má ṣe fẹ́ obìnrin tí 11 tàbí 22 bá jáde fún.

Ohun tí wọ́n sọ ni pé gbogbo nọ́ḿbà ni a máa ń rò pọ̀ títí yóò fi di ẹyọ kan, láti 1 dé 9, ṣùgbọ́n 11 àti 22 jẹ́ ọ̀gá nọ́ḿbà tí a kì í fọ́. Wọ́n ní ọkàn ẹni tí ó ní 11 kì í balẹ̀, ọ̀rọ̀ kékeré a máa dùn ún, inú rẹ̀ a sì máa yí padà bí ojú ọjọ́. Ẹni tí ó ní 22 ní tirẹ̀, iṣẹ́ ńlá ni ó gba ọkàn rẹ̀, ilé kò ní rí i gbé. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ wọn yóò rí wàhálà.

Orúkọ Pitagórásì, ọ̀mọ̀wé Gíríìkì àtijọ́, ni wọ́n fi ń polówó ọjà yìí. Ṣùgbọ́n A dé Z kọ́ ni àwọn Gíríìkì fi ń kọ̀wé. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni irú ìṣirò yìí ti gbilẹ̀, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, nínú àwọn ìwé obìnrin kan tí ń jẹ́ L. Dow Balliett.

Ẹ jẹ́ kí àpẹẹrẹ kan fi bí ó ti rí hàn. Bí ó bá ṣe pé ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń tún tírélà ṣe ní ẹ̀bá títì márosẹ̀ ní Ògèrè fẹ́ so yìgì pẹ̀lú ọmọbìnrin Ṣágámù kan tí ń jẹ́ Aminat, tí wọ́n bí ní ọjọ́ 15, oṣù 8, ọdún 1995. Oníṣirò àkọ́kọ́ yóò ro gbogbo ẹyọ nọ́ḿbà pọ̀: 1+5+8+1+9+9+5 jẹ́ 38, 3+8 jẹ́ 11. Ẹ̀rù dé nìyẹn. Ṣùgbọ́n oníṣirò kejì, tí iṣẹ́ kan náà ni ó ń ṣe, yóò kọ́kọ́ fọ́ ọjọ́, oṣù àti ọdún lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: 15 di 6, 8 dúró bẹ́ẹ̀, 1995 di 24, 24 sì di 6. 6+8+6 jẹ́ 20, 20 sì di 2. Ọ̀gá nọ́ḿbà ti sá lọ, Aminat kò sì yí padà. Bí wọ́n bá sì lo ọdún Híjírà, ọjọ́ náà bọ́ sí nǹkan bí ọjọ́ 18, oṣù kẹta, ọdún 1416. Èyí jẹ́ 24, tí ó di 6. Bí rírí oṣù bá fi ọjọ́ kan yàtọ̀, 5 tàbí 7 ni yóò jáde.

Ti orúkọ tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú tábìlì wọn, A jẹ́ 1, M jẹ́ 4, I jẹ́ 9, N jẹ́ 5, T jẹ́ 2. Aminat wá jẹ́ 22 gẹ́lẹ́. Bí ìyá rẹ̀ bá ń pè é ní Aminatu, tí U sì jẹ́ 3, ó di 25, tí í ṣe 7. Amina jẹ́ 20, tí í ṣe 2. Aminah, tí H rẹ̀ jẹ́ 8, di 28, ó di 10, ó di 1. Àṣé akọ̀wé tí ó kọ orúkọ ọmọ sínú ìwé ìbí ni ó ń pín ìwà fún un!

Àwọn áfáà kan náà a máa ṣe irú rẹ̀ pẹ̀lú háráfì Lárúbáwá: álífù 1, mímù 40, núnù 50. Wọ́n a ro orúkọ ènìyàn mọ́ ti ìyá rẹ̀, wọ́n a sì máa yọ ọ́ ní méjìlá-méjìlá. Bí wọ́n bá ka háráfì ìparí Amina sí 5, orúkọ náà jẹ́ 96. Bí wọ́n bá kà á sí 400, ó di 491. Kò sí ọ̀gá nọ́ḿbà 11 tàbí 22 nínú ìṣirò tiwọn rárá. Àwo méjì tí kò bá ara wọn mu ni, àmọ́ àwọn méjèèjì ni wọ́n ń sọ pé àwọn mọ ohun tí ó pamọ́. Ẹ sì mọ ohun tí hádíìsì inú àkójọ Múslímù wí nípa ẹni tí ó lọ bi aríran léèrè: ìrun ogójì òru rẹ̀ kò ní jẹ́ ìtẹ́wọ́gbà.

Ibi tí ẹ̀tàn náà ti jinlẹ̀ jù ni pé kò sí ohun tí ó lè ṣẹlẹ̀ tí yóò sọ wọ́n di òpùrọ́. Bí ilé bá tòrò fún ọdún mẹ́wàá, wọ́n á ní obìnrin náà kò tí ì gòkè dé 11, bíi 2 ni ó ń gbé. Bí ìjà bá dé, wọ́n á ní 11 ti jí. Ẹni tí ó bá fẹ́ dán wọn wò, kí ó fún oníṣirò méjì ní ọjọ́ ìbí nìkan, kí àwọn méjèèjì má ṣe rí ara wọn, kí wọ́n sì kọ ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀ kí wọ́n tó gbọ́ ohunkóhun nípa tọkọtaya náà.

Ẹ wo ohun tí ó lè ba ilé náà jẹ́ ní tòótọ́. Ọkọ̀ kì í yan ọ̀sán kí ó tó bàjẹ́ lójú títì. Nítorí náà, ọ̀gànjọ́ ni ọkùnrin yìí yóò máa wọlé nígbà mìíràn. Yóò bá Aminat tí ó dákẹ́, tí kò dáhùn dáadáa. Ọkùnrin tí kò gbọ́ nǹkan kan nípa nọ́ḿbà yóò béèrè ohun tí ó ṣe é, yóò sì gbọ́ pé owó oúnjẹ ti tán láti àárọ̀. Ẹni tí wọ́n ti sọ fún pé 11 ni ìyàwó rẹ̀ kò ní béèrè; yóò ní bí wọ́n ti dá a nìyẹn, yóò sì lọ sùn. Obìnrin náà yóò gbà pé ọkọ òun kò bìkítà. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, àwọn ẹbí yóò jókòó lórí ọ̀rọ̀ wọn, ẹnì kan nínú wọn yóò sì sọ pé nọ́ḿbà náà ti ń ṣẹ.