Ènìyàn Mélòó, Owó Èló, Àṣẹ Wo?

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé ẹ̀ka wa)

Ẹjọ́ kan náà ni ọ̀pọ̀ nínú yín ń gbé wá bá wa: àyè máníjà ṣí sílẹ̀, fóòmáànù tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ kọ̀wé béèrè, wọn kò mú un. Bí a bá wo ìwé tó kọ, iye ọdún àti orúkọ ipò nìkan ni a ń bá níbẹ̀. Adìẹ funfun kò mọ ara rẹ̀ lágbà. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ sọ ohun tí ẹni tó ń yan máníjà ń wá.

Mẹ́ta ni wọ́n: ènìyàn mélòó ló wà lábẹ́ yín, owó èló ni ẹ láṣẹ lé lórí, kí sì ni ẹ lè pinnu láìkọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní ìbéèrè kejì tí ń fi òótọ́ hàn.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní ilé iṣẹ́ bọ́ọ̀sì kan ń wá máníjà fún wọ́kìṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ṣálẹ́ńjì, níbi tí òṣìṣẹ́ 60 wà. Èèyàn méjì béèrè. Èkíní jẹ́ igbákejì máníjà ní ọ́fíìsì Dùgbẹ̀. Ó kọ ọ́ pé òun ń darí òṣìṣẹ́ 60, òun sì ń bójú tó mílíọ̀nù 40 náírà lọ́dún. Èkejì ni fóòmáànù alẹ́. Ó kọ "ọdún 11, n kò gba kúẹ́rì rí", ó parí síbẹ̀.

Lórí ènìyàn, a ó bi wọ́n pé: ta ní ń pín iṣẹ́ fún wọn, ta ní ń fọwọ́ sí ìsinmi wọn, ta ní ń bá wọn wí? Ti èkíní já sí akọ̀wé mẹ́ta. Àwọn yòókù, orúkọ wọn ló kàn ń tẹ̀ sínú ìwé owó oṣù. Fóòmáànù ní mẹkáníìkì 14, òun fúnra rẹ̀ ló ń kọ ìwé ìpín iṣẹ́ wọn lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀.

Lórí owó, a ó béèrè pé: títí dé èló ni ìbuwọ́lùwé rẹ tó? Èkíní ń gbé ìwé owó lọ fún ọ̀gá láti fọwọ́ sí ni. Kò lè fọwọ́ sí kọ́bọ̀. Fóòmáànù lè gba ẹ̀yà ọkọ̀ tó tó 150,000 náírà jáde ní sitóò lóru láìjí ẹnikẹ́ni. Owó kékeré tí ènìyàn láṣẹ lé lórí ju owó ńlá tó kàn ń kọjá lọ́wọ́ rẹ̀ lọ.

Ẹ̀kẹta ló wúwo jù. A ó ní: sọ ìpinnu kan tí o dá ṣe, àti ohun tó ti ibẹ̀ yọ. Èkíní kò rí sọ. Fóòmáànù ní lóru ọjọ́ kan, òun kọ̀ kí bọ́ọ̀sì Èkó kan jáde nítorí búrèkì rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èrò ti kún inú rẹ̀. Ó kó èrò sí ọkọ̀ mìíràn, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ alẹ́. Ìwé náà wà níbẹ̀ títí dòní. Ẹ̀rí nìyẹn.

Ṣé fóòmáànù ti wá tó máníjà tán? Rárá. Kò tí ì ṣe ètò ìnáwó ọdún kan rí, kò sì tí ì gba òṣìṣẹ́ síṣẹ́ rí. Àti 14 dé 60, ọ̀nà jìn, nítorí yóò máa darí àwọn fóòmáànù fúnra wọn. Ohun tó yẹ kó béèrè ni oṣù mẹ́fà nípò adelé, pẹ̀lú ìwé tó sọ iye owó àti àṣẹ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Adelé tí kò ní ìwé kò ní ẹ̀rí.

Òṣùwọ̀n yìí kan ẹgbẹ́ náà. Abala 3 nínú Òfin Ẹgbẹ́ Òṣìṣẹ́ ti ọdún 1973, bí a ti ṣe àtúnṣe rẹ̀, kò jẹ́ kí ẹni tó jẹ́ apá kan ìṣàkóso wà nínú ẹgbẹ́ bí ìyẹn yóò bá sọ ọ́ di olólùfẹ́ ọ̀tún àti òsì. Ṣùgbọ́n kì í ṣe orúkọ ipò ni òfin ní kí a fi mọ onítọ̀hún. Ipò, àṣẹ, agbára, iṣẹ́ àti ohun tí yóò jíhìn fún, bí wọ́n ṣe hàn nínú àdéhùn iṣẹ́ rẹ̀, ni òfin ní kí a wò. Nítorí náà, bí wọ́n bá sọ yín ní máníjà lọ́la, tí wọ́n ní kí ẹ jáde nínú ẹgbẹ́, tí owó àfikún àṣekún iṣẹ́ sì dúró, ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́ta náà kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé. Bí ènìyàn kò bá sí, tí owó kò sí, tí àṣẹ kò sí, ẹ gbé ìwé náà wá fún wa.

Láti alẹ́ òní, kí olúkúlùkù ra ìwé kékeré kan, kó máa kọ ohun tó pinnu, ọjọ́ rẹ̀ àti iye owó rẹ̀ sílẹ̀.