Nígbà Tí Gíráàfù Kò Kan Ìlà: Ètò Ẹ̀kọ́ Àkọ́kọ́ Lórí Nọ́ńbà Kọ́ńpúlẹ́ẹ̀sì

Ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí: píríọ́dù méjì tó tẹ̀léra, ìyẹn 80 ìṣẹ́jú, ní kíláàsì SS2 tó ti mọ fọ́múlà kùwádíráàtìkì lò, tó sì ti ya gíráàfù rẹ̀ rí. Ọjọ́ yẹn ni àwọn ọmọ yóò kọ́kọ́ pàdé nọ́ńbà kọ́ńpúlẹ́ẹ̀sì, bí wọ́n bá sì ṣe pàdé rẹ̀ lọ́jọ́ náà ni yóò ṣe rí lọ́kàn wọn fún ìgbà pípẹ́.

Bí ọ̀pọ̀ nínú àwa olùkọ́ ìṣirò ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ni pé a ó kọ x² + 1 = 0 sójú pátákó, a ó ní kò sí nọ́ńbà tó lè ṣe é, a ó wá ní kí wọ́n máa pe √−1 ní i. Èmi kò fara mọ́ ọn. Ọmọ tó ń ronú yóò bi wá pé, “Tíṣà, ṣebí ẹ ti ní nọ́ńbà òdì kò ní síkúwíà rúùtù. Tó bá jẹ́ pé a kàn lè dá nọ́ńbà sílẹ̀ báyìí, kí ló dé tí a ò dá ọ̀kan sílẹ̀ fún 1 ÷ 0?” Ìbéèrè tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ni. Bí a bá ní kó jókòó, a ti pàdánù ẹ̀kọ́ náà.

Ohun tí mo dábàá ni pé kí a mú ìbéèrè kan tí àwọn ọmọ gbọ́ yé, kí a máa yí nọ́ńbà kan ṣoṣo nínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Olùkọ́ yóò sọ pé: okùn 20 mítà ni mo ní, mo fẹ́ fi yí ilẹ̀ kan ká, kí igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gún régé. Ìbú àti òró rẹ̀, tí a bá rò wọ́n pọ̀, 10 mítà ni. Báwo ni kí n ṣe é tí ilẹ̀ náà yóò fi jẹ́ síkúwíà mítà 21? Wọn ò ní pẹ́ dáhùn pé 3 àti 7. Ó di 24, wọ́n ní 4 àti 6. Ó di 25, wọ́n ní 5 àti 5. Lẹ́yìn náà ni kí olùkọ́ bèèrè 26, kó sì dákẹ́.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n wá a fún ìṣẹ́jú bíi márùn-ún. Ẹnì kan yóò dán 5.5 àti 4.5 wò, yóò rí 24.75. Ẹlòmíràn yóò dán 5.1 àti 4.9 wò, yóò rí 24.99. Wọn yóò máa sún mọ́ 25, ṣùgbọ́n wọn ò ní kọjá rẹ̀. Ìgbà yìí ni kí olùkọ́ tó mú ṣọ́ọ̀kì. Nọ́ńbà méjèèjì ní láti jẹ́ 10 lápapọ̀, nítorí náà bí ọ̀kan bá fi d lé sí 5, èkejì gbọ́dọ̀ fi d dín sí i. Ẹ wá fi 5 + d sọ 5 − d di púpọ̀, ẹ ó rí 25 − d². Fún 21, d² jẹ́ 4. Fún 24, ó jẹ́ 1. Fún 25, òdo ni. Fún 26, d² gbọ́dọ̀ jẹ́ −1. Gbogbo kíláàsì ló fojú ara wọn rí ibi tí ọ̀rọ̀ ti há, kì í ṣe olùkọ́ ló sọ fún wọn.

Ẹ kọ ọ́ wàyí ní ìdọ́gba kùwádíráàtìkì: x² − 10x + 26 = 0. Nínú fọ́múlà, nọ́ńbà tó wà lábẹ́ rúùtù, b² − 4ac, tí à ń pè ní disikirímínáǹtì, jẹ́ 100 − 104, ìyẹn −4. Kí wọ́n ya gíráàfù x² − 10x + 21, ti 25, àti ti 26 sórí ìwé kan náà. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rí bákan náà gẹ́lẹ́, gíga wọn ló yàtọ̀. Ibi tó rẹlẹ̀ jù nínú èkíní wà ní ìwọ̀n 4 nísàlẹ̀ ìlà x, ti èkejì fara kan ìlà náà, ti ẹ̀kẹta sì dúró ní ìwọ̀n 1 lókè rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ wà lórí x = 5.

Ohun tí olùkọ́ bá kọ sójú pátákó níhìn-ín ṣe pàtàkì púpọ̀. Kó má kọ “kò sí ìdáhùn”. Kó kọ “kò sí nọ́ńbà gidi tó lè ṣe é”. Kó sì sọ òtítọ́ nípa ilẹ̀ náà: okùn 20 mítà kò lè yí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ tó tó síkúwíà mítà 26 ká láéláé, kò sì sí nǹkan tí a fẹ́ kọ́ lónìí tó máa yí ìyẹn padà. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ parí síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìdọ́gba ló kù.

Olùkọ́ yóò wá bèèrè pé: bí a bá ní kí d jẹ́ ohun kan tí síkúwíà rẹ̀ jẹ́ −1, tí a pe orúkọ rẹ̀ ní i, tí a sì ń tẹ̀lé gbogbo òfin ìṣirò tí a ti mọ̀ láìyẹ̀, ṣé ohun kankan yóò dà rú? Kí àwọn ọmọ fọwọ́ ara wọn ṣe é. Àròpọ̀ 5 + i àti 5 − i jẹ́ 10. Ìsọdipúpọ̀ wọn jẹ́ 25 − 5i + 5i − i², ìyẹn 25 + 1, tó jẹ́ 26. Kí wọ́n tún fi 5 + i sí ipò x nínú ìdọ́gba náà. Síkúwíà rẹ̀ jẹ́ 24 + 10i. A yọ 50 + 10i kúrò, a fi 26 kún un, òdo ló kù.

Ìgbà yìí la tó lè dá ọmọ tó bèèrè 1 ÷ 0 lóhùn. Ká ní k ni ìdáhùn rẹ̀, a jẹ́ pé 0 × k gbọ́dọ̀ jẹ́ 1. Ṣùgbọ́n òfin tí a ti ní nílẹ̀ sọ pé 0 × k jẹ́ òdo. Òfin kan wó lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ní ti i, a rò ó pọ̀, a yọ ọ́, a sọ ọ́ di púpọ̀, kò sí èyí tó wó nínú àwọn òfin yẹn. Ohun kan tí a pàdánù ni títò nọ́ńbà láti kékeré sí ńlá: bí ọmọ bá bèèrè èwo ló tóbi jù nínú 5 + i àti 5 − i, ìbéèrè náà kò ní ìtumọ̀ mọ́. Ẹ sọ ọ́ fún wọn tààrà.

Lẹ́yìn èyí ni kí wọ́n ṣe 29, tó máa fún wọn ní 5 ± 2i, àti 34, tó máa fún wọn ní 5 ± 3i. Kí olùkọ́ ní kí wọ́n padà wo gíráàfù. Fún 29, ibi tó rẹlẹ̀ jù wà ní ìwọ̀n 4 lókè ìlà, síkúwíà rúùtù 4 sì ni 2 tó wà níwájú i. Fún 34, gíga rẹ̀ jẹ́ 9, rúùtù rẹ̀ sì jẹ́ 3. Níwọ̀n ìgbà tí nọ́ńbà tó wà níwájú x² bá ti jẹ́ 1, gíráàfù tí kò kan ìlà rárá ń sọ gbòǹgbò rẹ̀ fún ẹni tó bá mọ̀ ọ́n wò. Mo ti rí ojú ọmọ tó ṣàwárí èyí fúnra rẹ̀, mi ò sì mọ apá ẹ̀kọ́ yìí tó dùn mọ́ mi jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí àwọn ọmọ ti ń ṣìnà. Ọ̀pọ̀ yóò kọ (10 ± 2i) ÷ 2, wọn yóò fi 2 pín 10 nìkan, wọn yóò sì mú 5 ± 2i wá fún 26. Ẹ má kàn fa ìlà pupa sí i. Ẹ ní kí ọmọ náà wo ìsọdipúpọ̀ rẹ̀: 25 + 4 jẹ́ 29, ìdáhùn ìbéèrè mìíràn ló mú wá. Àwọn kan yóò kọ √−4 ní −2, síkúwíà −2 yóò sì tú wọn fó, nítorí 4 ni. Èyí tó fara sin jù ni √−4 × √−9. Ọmọ yóò kó méjèèjì sábẹ́ rúùtù kan, yóò rí √36, yóò kọ 6. Ṣùgbọ́n 2i × 3i jẹ́ 6i², ìyẹn −6. Òfin pé √a × √b jẹ́ √ab kò dúró mọ́ nígbà tí a àti b bá jọ jẹ́ òdì. Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ àwọn olùkọ́ pé kí wọ́n kọ́ àwọn ọmọ láti yọ i síta kí wọ́n tó ṣe ohunkóhun mìíràn.

Ìbéèrè tí mo fi bẹ̀rẹ̀ yìí ní ìtàn. Ní 1545, Girolamo Cardano, oníṣègùn ará Ítálì, tẹ ìwé Ars Magna jáde. Nínú rẹ̀ ló ti ní kí a pín 10 sí méjì kí ìsọdipúpọ̀ wọn lè jẹ́ 40. Ó rí 5 + √−15 àti 5 − √−15, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó bá a mu, síbẹ̀ ó gbà pé kò wúlò. Kò jẹ̀bi, nítorí ẹni tó ń ṣe kùwádíráàtìkì nìkan lè sọ pé kò sí ìdáhùn, kó sì máa bá tirẹ̀ lọ. Olùkọ́ kò gbọ́dọ̀ fi èyí pa mọ́. Ìdọ́gba tó ní x³ ló fi tipátipá mú àwọn onímọ̀ gba irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀.

Ẹ fi 15 ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn sílẹ̀ fún un. Rafael Bombelli, ará Ítálì bákan náà, mú x³ = 15x + 4 nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1572. Ọmọ kékeré lè rí i pé 4 ni ìdáhùn, nítorí 64 jẹ́ 60 + 4. Ṣùgbọ́n fọ́múlà tí Cardano tẹ̀ jáde sọ pé kí a wá nọ́ńbà kan tí a óò fi sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kó tó di 2 + √−121, kí a wá ti 2 − √−121 pẹ̀lú, kí a sì ro wọ́n pọ̀. Kí kíláàsì ṣe 2 + i. Síkúwíà rẹ̀ jẹ́ 3 + 4i. Ẹ tún fi 2 + i sọ ìyẹn di púpọ̀, ẹ ó rí 2 + 11i, 11i náà sì ni √−121. Ti èkejì ni 2 − i. Ẹ rò wọ́n pọ̀, i lọ, 4 kù. Nọ́ńbà gidi tí gbogbo wa mọ̀ ni, àárín àwọn nọ́ńbà kọ́ńpúlẹ́ẹ̀sì sì ni fọ́múlà náà gbà dé ibẹ̀.

Fún iṣẹ́ àṣetiléwá, x² − 6x + 13 = 0 àti 2x² − 2x + 5 = 0 ti tó. Ẹ ní kí wọ́n fi àròpọ̀ àti ìsọdipúpọ̀ yẹ gbòǹgbò kọ̀ọ̀kan wò, kí wọ́n sì kọ àyẹ̀wò náà sínú ìwé. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe wọ pípín nọ́ńbà kọ́ńpúlẹ́ẹ̀sì ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e bí ẹ bá rí i pé ìdajì kíláàsì kò tíì lè ṣe àyẹ̀wò yìí láìsí ìrànlọ́wọ́.