Kí Oníbàárà Tó Lọ: Ohun Tí Àkọsílẹ̀ Ìwọlé, Ìlò àti Owó Tí Kò Kọjá Ń Fi Hàn



Ohun tí mo fẹ́ fi yé yín lónìí kò ju ẹyọ kan lọ. Bí owó tí oníbàárà ń san lóṣooṣù kò bá kọjá, ẹ má tíì sọ pé ó ń lọ. Ẹ kọ́kọ́ wo iṣẹ́ tó ń fi ohun tó rà ṣe.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ ṣe é. Ká ní ilé-iṣẹ́ kan ní Ìlọrin ń ta sọ́fítíwíà fún àwọn ilé-ìwé. Àwọn olùkọ́ ń fi í pe orúkọ ọmọ láràárọ̀, wọ́n ń kọ máàkì sínú rẹ̀, akápò sì ń kọ owó ilé-ìwé sí i. Káàdì olùdásílẹ̀ ni wọ́n ń yọ owó lórí rẹ̀ lóṣooṣù nípasẹ̀ Paystack.

Ilé-ìwé kìíní wà ní Àrán-Ọ̀rin. Ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀ ni wọ́n máa ń pe orúkọ. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà táàmù, ó di ọjọ́ méjì. Ní ọ̀sẹ̀ keje, akápò kò kọ owó kankan sí i mọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ, ẹnìkan da orúkọ gbogbo ọmọ ilé-ìwé kọ sínú fáìlì, ó sì gbé e lọ. Oṣù tuntun wọlé, owó kò sí lórí káàdì. Ilé-ìwé kejì wà ní Òmù-Àrán. Owó tiwọn náà kò kọjá, nítorí pé ọjọ́ káàdì ti pé, ṣùgbọ́n wọn kò pa ìpè orúkọ jẹ lọ́jọ́ kan.

Nínú ìwé owó, gbèsè kan náà ni. Ṣùgbọ́n èkejì kò fẹ́ lọ rárá: ẹ fi ìlànà ránṣẹ́ sí i kó fi káàdì tuntun sílẹ̀. Ti èkíní ti kọjá ọ̀rọ̀ káàdì. Iṣẹ́ ti kúrò lọ́wọ́ sọ́fítíwíà kí owó tó kọ̀, nítorí náà kí ènìyàn lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé náà sọ̀rọ̀, kó sì bi í ohun tó dé ní ọ̀sẹ̀ kẹfà.

Ẹ kíyè sí i pé n kò tíì mẹ́nu kan ìwọlé. Ẹ̀rí tó rọ̀ jù ni. Olùkọ́ tí kì í jáde nínú áàpù kò ní ìdí láti tún wọlé, àkọsílẹ̀ yóò sì máa fi í hàn bí ẹni tí kò wá. Olùkọ́ mẹ́ta sì lè máa lo ọ̀rọ̀ aṣínà kan ṣoṣo. Ẹ ka iṣẹ́ tó parí, ẹ má ka ìgbà tí wọ́n wọlé.

Ní ti owó, ètò Paystack ní àwọn àmì tirẹ̀. Bí owó bá kọ̀, ìròyìn `invoice.payment_failed` yóò dé, àsansílẹ̀ náà yóò sì bọ́ sí ipò `attention`. Paystack kì í tún owó náà gbìyànjú títí di ọjọ́ owó tó kàn, nítorí náà ọwọ́ yín ni àtúnṣe wà. Bí owó kò bá sí lórí káàdì, ẹ dúró de àsìkò tí owó máa ń wọlé fún oníbàárà yẹn kí ẹ tó tún un gbìyànjú. Bí ọjọ́ káàdì bá ti pé, àtúngbìyànjú kò wúlò. Èyí kò tilẹ̀ yẹ kó bá yín lójijì, torí oṣù àti ọdún tí káàdì yóò parí wà nínú `exp_month` àti `exp_year`. Ipò `non-renewing` yàtọ̀: ó lè jẹ́ pé oníbàárà ti fagi lé e, tó kàn ń lo ìyókù oṣù tó ti san. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ìkìlọ̀ mọ́, ìpinnu ni.

Àwọn nǹkan kan wà tó ń tanni jẹ. Ní oṣù kẹjọ, ìlò gbogbo ilé-ìwé máa ń lọ sílẹ̀ nítorí ọlidé. Bí nẹ́tíwọ̀kì bá bàjẹ́ ní ìlú kan, gbogbo oníbàárà ibẹ̀ ni yóò dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí náà, ẹ fi ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan wé ara rẹ̀ ní irú ọ̀sẹ̀ yẹn nínú táàmù tó kọjá, kí ẹ sì tún fi í wé àwọn tó wà nítòsí rẹ̀. Èyí tó bá lọ sílẹ̀ lóun nìkan ni ká sáré bá.

Kí ẹ tó gbẹ́kẹ̀ lé òfin tí ẹ fi ń mọ ilé-ìwé tó fẹ́ lọ, ẹ dán an wò. Ẹ mú ọjọ́ kan nínú táàmù tó kọjá, ẹ bo gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ fi èyí tó ṣáájú nìkan kọ orúkọ àwọn tí ẹ rò pé yóò lọ. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ ṣí i wò. Bí ẹ bá jẹ́ kí àkọsílẹ̀ ẹ̀yìn ìfagilé wọ inú ìṣirò, òfin yín yóò dà bí èyí tó péye, kò sì ní kìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ta iṣẹ́ yìí, mo bẹ̀ yín: ẹ má ṣe pa ilẹ̀kùn mọ́ ilé-ìwé kankan ní ọjọ́ tí owó rẹ̀ kọ́kọ́ kọ̀. Ẹ wo ìlò ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó ṣáájú ná, lẹ́yìn náà kí ẹ pè wọ́n.