Ajílẹ̀ Tó Pẹ́
Ẹ̀yin àgbẹ̀ Makutu, ká ní oníṣòwò tó fẹ́ kó àpò ajílẹ̀ 40 wá fún àgbàdo yín, 24 NPK àti 16 yúríà, ní ó di oṣù tó ń bọ̀. Ẹ má gbà, ṣùgbọ́n ẹ má fagi lé ọjà náà. NPK ni kò lè dúró, torí láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tí àgbàdo bá hù ló ń fẹ́ ẹ. Yúríà lè dúró di ọ̀sẹ̀ kẹrin sí ìkẹfà. Ẹ wí fún un pé: “Ọ̀gá, ọjọ́ tuntun yìí kò tẹ́ wa lọ́rùn. Ẹ kó NPK wá lọ́sẹ̀ yìí, a ó san owó rẹ̀. Kí yúríà dé kó tó pé oṣù kan.” Ẹ kọ àdéhùn náà sílẹ̀, kó fọwọ́ sí i o. Ẹ sì ka àpò kí ọkọ̀ tó padà.